Ọjà gòkè, owó ò sí: bí a ṣe ń ka ìròyìn ọjà ọ̀sẹ̀

Alhaja pè mí láti Ìlọrin ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní Nòfẹ́ńbà 2024. Ìkíni ò tíì tán lẹ́nu mi tó fi sọ pé, "Àbúrò mi, mo ti ka ìwé tó o kọ. O ní ọjà gòkè. Owó ọ̀hún dà?"

Èmi ni mò ń bá a ṣe ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kubwa, nílùú Àbújá. Ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ, gbogbo ohun tí èèyàn lè sáré wọlé wá rà lálẹ́ ló wà níbẹ̀. Àìsàn ìyá rẹ̀ ló gbé e lọ sí Ìlọrin, ó sì ti lé lóṣù mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ló ń ta ọjà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí wọ́n bá ti fẹ́ tilẹ̀kùn, màá dé, màá ka owó, màá wo ìwé tí wọ́n kọ, màá sì fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí i. Ímeèlì náà kì í gùn. Iye tí a tà, bó ṣe rí sí tọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú, ó tán.

Ohun tí mo kọ lálẹ́ Sátidé yẹn nìyí. Mo ti yí àwọn iye inú rẹ̀ padà díẹ̀ kí n má baà tú àpò Alhaja síta lójú ayé, àmọ́ bí wọ́n ṣe bára wọn tan kò yí padà.

"Alhaja, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọjà tí a tà láti ọjọ́ Ajé di Sátidé jẹ́ ₦1,932,000. Tọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́ ₦1,840,000. Ó fi ₦92,000 lé, ìyẹn ₦5 lórí ₦100. Owó ọwọ́ jẹ́ ₦690,000, ti píóẹ̀sì jẹ́ ₦402,000, ti báńkì jẹ́ ₦840,000. Kò sí ohun tó ń kọ mí lóminú lọ́sẹ̀ yìí."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣì ń tì mí lójú títí dòní.

Alhaja fẹ́ sanwó ìrẹsì fún ẹni tí a ti ń kó o ní Mararaba láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ṣí báńkì orí fóònù rẹ̀, ó wo ohun tó wà níbẹ̀, kò sì bá ohun tí mo kọ mu. Kì í ṣe pé ó fura sí mi. Ohun tó rú u lójú ni pé ó ka iye mẹ́rin nínú ìwé kan, gbogbo wọn dún bí ìròyìn ayọ̀, àpò kò sì gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ní ṣọ́ọ̀bù níbí la ní iṣẹ́ mìíràn tí à ń ṣe, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá wa tà á, tí à ń retí àtẹ̀jáde kan lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú ti Alhaja yìí wò.

Ọ̀rọ̀ "tà" ló kọ́kọ́ ń dàrú mọ́ni lọ́wọ́. Èdè wa fúnra rẹ̀ kò gbè wá níbẹ̀. Bí ìyá kan bá wọn gààrì fún aládùúgbò rẹ̀, tí ìyẹn ní òun á san án bí oṣù bá parí, ìyá náà ti ta gààrì. Kò sí ẹni tó máa sọ pé kò tíì tà á. Gààrì ti kúrò nínú abọ́, ó ti wọ inú ìkòkò ẹlòmíràn. Owó rẹ̀ ni kò tíì dé. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn bá sọ pé "a ta ₦1,932,000," ohun tó ń sọ ni iye ọjà tó kúrò lórí àtẹ. Kò tíì sọ ohun kan nípa iye tó wọ àpò. Iye méjì ni wọ́n, ó sì yẹ kí ìwé kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kódà lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá bára wọn dọ́gba.

Èmi náà mọ èyí. Ìdí tí mo fi kọ iye owó ọwọ́, ti píóẹ̀sì àti ti báńkì sílẹ̀ nìyẹn, tí mo sì ro gbogbo wọn pọ̀ tó fi jẹ́ ₦1,932,000 géérégé. Bí wọ́n ṣe bára mu yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Àmọ́ inú ìwé àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé kan náà ni mo fi ń jẹ́rìí sí ara rẹ̀.

Mo ní kí Alhaja ro gbogbo tíránsífà tó wọlé láti ọjọ́ Ajé di Sátidé pọ̀ fún mi láti orí fóònù rẹ̀. Ó gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ àti ìkanra díẹ̀. Ó bọ́ sí ₦720,000. Èmi kọ ₦840,000. ₦120,000 ló fi yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bínú sí ọmọ ṣọ́ọ̀bù nìyí. Ẹ mú sùúrù ná, nítorí ó kéré tán, ohun mẹ́ta mìíràn lè fa irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní bí èèyàn ṣe ń dá a mọ̀. Àkọ́kọ́ ni owó tí wọ́n ń yọ. Lórí tíránsífà tó bá tó ₦10,000, ₦50 ni ìjọba ń yọ, ara ẹni tó gba owó ni wọ́n sì ń yọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: kí ₦50 tó di ₦120,000, a ní láti gba tíránsífà 2,400 lọ́sẹ̀ kan. A kì í gba igba. Ọ̀nà yẹn ti dí. Èkejì ni owó tó ṣì wà lọ́nà. Owó píóẹ̀sì tí wọ́n fi káàdì san lálẹ́ Sátidé lè má dé àkáǹtì títí di ọjọ́ Ajé, ó wá dà bí ẹni pé ó sọnù. Ṣùgbọ́n ti píóẹ̀sì wà lọ́tọ̀ nínú ìwé wa, iye rẹ̀ sì bá bébà tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ jáde lálaalẹ́ mu. Ẹ̀kẹta ni àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú, ìyẹn kí oníbàárà fi ohun kan hàn lórí fóònù rẹ̀ pé òun ti sanwó nígbà tí kò san kọ́bọ̀. Èyí wọ́pọ̀ débi pé ọmọ ṣọ́ọ̀bù tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí owó nínú àkáǹtì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọjà jáde. Èyí nìkan ni kò ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti orí fóònù. Mo ní láti lọ wo ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wà nídìí ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Mo gba ìwé náà, èyí tó ní èèpo aláwọ̀ ewé tí òróró ti ta sí lára. Ọmọkùnrin tuntun kan ló ń kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ Kàtsínà, ó kọ nǹkan rẹ̀ nigín-nigín. Ní ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, ó kọ lẹ́tà kan: K fún owó ọwọ́, P fún píóẹ̀sì, àwọn kan ní T, àwọn kan ní B. Lálẹ́ Sátidé, mo rí T, mo ní tíránsífà nìyẹn. Mo rí B, mo ní báńkì nìyẹn. Ọ̀kan náà ṣáà ni tíránsífà àti báńkì, mo bá rò wọ́n pọ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé náà tẹ́lẹ̀ máa ń kọ B fún báńkì, bó bá sì di àwìn, á kọ "àwìn" gbọọrọ. Ojú mi ti mọ́ tirẹ̀.

Mo pe ọmọ náà. Mo ní, "B yìí, kí ni?" Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi bóyá omi ń tutù. Ó ní, "Báṣì ni, Àǹtí." Báṣì. Ohun tí àwọn Haúsá ń pe àwìn.

Ìlà méje ni B wà. Mo rò wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ́ ₦120,000 láìlé láìdín. Ohun tó sì yẹ kí n ti rí lálẹ́ Sátidé wà níbẹ̀ lójú kedere: orúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìlà tó ní B, kò sì sí orúkọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní T. Ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó ti sanwó sílẹ̀? Ẹni tó jẹni lówó la ń kọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ka èdè rẹ̀ bí èdè mi.

Ìròyìn náà wá yí padà pátápátá, bẹ́ẹ̀ iye àpapọ̀ rẹ̀ kò sì yí. A ṣì ta ₦1,932,000. Àmọ́ owó tó wọlé jẹ́ ₦1,812,000. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, a ta ₦1,840,000, àwìn inú rẹ̀ jẹ́ ₦40,000, tó túmọ̀ sí pé owó tó wọlé jẹ́ ₦1,800,000. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọjà fi ₦92,000 gòkè. Owó fi ₦12,000 péré gòkè. ₦80,000 tó kù, orúkọ èèyàn ni wọ́n nínú ìwé.

Nípa ₦5 lórí ₦100 tí mo kọ yẹn, ó dára kí ẹni tó ń ka ìròyìn mọ ibi tó ti wá. Iye tó fi yàtọ̀ ni a ń mú, tí a ó fi iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá pín in, nítorí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ilẹ̀ tí a dúró lé láti wọn gíga tòní. ₦92,000, ẹ fi ₦1,840,000 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ẹ ó rí 5. Àwọn kan máa ń fi iye ọ̀sẹ̀ yìí pín in. Lórí iye ńlá, kò fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Lórí iye kékeré, irọ́ ńlá ló ń di. Àwìn wa ti ₦40,000 di ₦120,000. Ẹni tó bá ṣi ìpín náà ṣe á ní ó fi ₦67 lórí ₦100 gòkè, nígbà tó jẹ́ ₦200 lórí ₦100 ni. Èmi kì í tilẹ̀ lo irú ìṣirò yẹn fún iye kékeré mọ́. "Ó di ìlọ́po mẹ́ta" ni mo máa ń kọ, kò sì sẹ́ni tí kì í yé.

Ọ̀rọ̀ fífi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀ tún ní ihò mìíràn tó yẹ kí n dúró lé díẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì kì í sábà jẹ́ ìbejì. Iléyá ọdún 2024 kan náà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, 16 Júùnù. Ìjọba fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún, ọjọ́ mẹ́fà la fi tajà, ènìyàn sì ń rọ́ wọlé bí eṣú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ mẹ́rin péré la ṣí. Nínú ìwé, ọjà ja wálẹ̀ láti ₦2,700,000 sí ₦1,400,000. Ẹni tó bá ka ìyẹn láti òkèèrè á rò pé wọ́n ti kó ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọjọ́ tí a ṣí pín in, ₦450,000 lóòjọ́ ló di ₦350,000. Ó ṣì wálẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìlàjì mọ́. Kódà ìyẹn pàápàá kò yani lẹ́nu: ta ló tún fẹ́ ra òróró lọ́jọ́ kẹrin ọdún, nígbà tí ẹran dídín ṣì kún inú ilé? Báyìí, mo máa ń kọ iye ọjọ́ tí a ṣí sí ẹ̀gbẹ́ iye tí a tà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ó sì ti gba Alhaja lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nòfẹ́ńbà yẹn kò ní ìsinmi nínú. Ọjọ́ mẹ́fà la ṣí ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 9, ọjọ́ mẹ́fà náà la ṣí ní 11 sí 16. Wọ́n ṣeé fi wéra ní ti ọjọ́. Àmọ́ àwọn tó ń gbé Àbújá mọ ohun tó ń jẹ́ àárín oṣù. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á fi mọ́tò gbé àpò ìrẹsì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwọ̀n kóńgò ni wọ́n ń rà. Ọjà àárín oṣù máa ń rọra rẹlẹ̀ ni. Èyí ló yẹ kó ta mí lólobó kí n tó wo báńkì rárá. Owó ń gbẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń rajà, ọjà wa sì ń gòkè. Kí ni wọ́n fi ń rà á?

Kí n tó dé orí ohun tó ń kọni lóminú, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan òróró, nítorí òun náà wà nínú ₦92,000 yẹn, ó sì jẹ́ ẹ̀tàn tó tún yàtọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, a ta ike òróró 40 ní ₦3,000, ó jẹ́ ₦120,000. Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, a ta 36 ní ₦3,500, ó jẹ́ ₦126,000. Owó òróró gòkè, ike òróró dínkù. Ibi tó dùn wá jù ni pé iye tí a ń rà á náà ti kúrò ní ₦2,600, ó ti di ₦3,200. Èrè orí ike kan tó jẹ́ ₦400 ti di ₦300. Lórí 40, èrè wa jẹ́ ₦16,000. Lórí 36, ó jẹ́ ₦10,800. Nígbà tí ọjà bá ń wọ́n lójoojúmọ́, owó tí a tà máa ń wú bí àkàrà nínú òróró gbígbóná, inú rẹ̀ a sì ṣófo. Èmi kì í kọ èrè gbogbo ọjà sínú ìròyìn ọ̀sẹ̀, nítorí mi ò lè ka gbogbo àtẹ lálẹ́ Sátidé kan. Ìparí oṣù la ń ṣe ìyẹn. Àmọ́ mo máa ń mú ọjà kan tí iye rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, màá kọ iye tí a tà lówó, màá sì kọ ọ́ ní ike tàbí ní àpò.

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo tó ń kọni lóminú. Ìdí tó fi jẹ́ ẹyọ kan ni pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo máa ń kọ márùn-ún mẹ́fà: eku ti gé àpò ṣúgà, iná kò sí lọ́jọ́ Rú, mílíìkì fẹ́ tán, ọmọ kan pẹ́ dé. Alhaja á ka gbogbo rẹ̀, á ní "Ọlọ́run á ṣọ́ wa," á sì pa fóònù. Kò sí èyí tó ṣe nǹkan sí nínú wọn. Ohun tí mo fi ń yan ẹyọ kan náà báyìí ni ìbéèrè yìí: èwo nínú wọn ló máa gbówó jù bí a bá fi sílẹ̀ di Sátidé tó ń bọ̀? Eku burú, àmọ́ páńpẹ́ ló ń fẹ́, kò fẹ́ ìmọ̀ràn Alhaja.

Àwìn ló gba ipò náà lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe nítorí pé àwìn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní àdúgbò, ṣọ́ọ̀bù tí kì í tàwìn rárá á pàdánù oníbàárà. Iye rẹ̀ ni, àti ọwọ́ ẹni tó wà. Nínú ₦120,000 yẹn, ₦65,000 wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ìyá olóúnjẹ kan tó gba iṣẹ́ àsè, tó ní òun á san án bí wọ́n bá ti san tòun. Àwọn mẹ́fà yòókù pín ₦55,000 láàárín ara wọn. Kò tíì sí ẹni tó san nínú ₦40,000 ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, tó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà níta ti di ₦160,000.

Ọ̀nà tí mo gbà jẹ́ kó yé Alhaja bí ó ṣe wúwo tó nìyí. Lápapọ̀, èrè wa lórí ọjà jẹ́ nǹkan bí ₦8 nínú ₦100. Ọjà ₦120,000 tí a fi sílẹ̀ láwìn, nǹkan bí ₦110,400 la fi rà á. Bí owó náà bá sọnù, ká tó lè fi èrè dí ihò ₦110,400, a ní láti ta ọjà tó tó ₦1,380,000, kí gbogbo èyí sì jẹ́ owó ọwọ́. Pẹ̀lú bí a ṣe ń tà, ó lé ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tí a máa ṣe lófo. Bí mo ṣe sọ "ọjọ́ mẹ́rin," Alhaja dákẹ́ lórí fóònù. ₦120,000 kò dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀.

Ímeèlì kejì tí mo kọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé nìyí. Ohun tí mo kọ sórí rẹ̀ ni "Ọjà Kubwa, 11 sí 16 Nòfẹ́ńbà: àtúnṣe. Ọjà gòkè, àwìn ló gbé e."

"Alhaja, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí rọ́pò tàlẹ́ Sátidé. Èmi ni mo ṣi ìwé kà, kì í ṣe àwọn ọmọ.

A ta ₦1,932,000 ní ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ₦1,840,000 ni, ọjọ́ mẹ́fà náà.

Owó tó wọlé jẹ́ ₦1,812,000: owó ọwọ́ ₦690,000, píóẹ̀sì ₦402,000, tíránsífà ₦720,000. Mo ti fi ti tíránsífà wé ohun tí ẹ kà fún mi láti báńkì, wọ́n dọ́gba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ₦1,800,000 ló wọlé.

Àwìn jẹ́ ₦120,000. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ₦40,000 ni. Ó ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Òróró: ike 36 lọ́sẹ̀ yìí, 40 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Owó rẹ̀ pọ̀ sí i nítorí a fi ₦500 lé e.

Ohun tó ń kọ mí lóminú: ₦65,000 nínú àwìn náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kò sì sí òté lórí iye tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè gbé fún ẹnì kan. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá tún rí bẹ́ẹ̀, a ò ní lè sanwó ìrẹsì pé. Mo fẹ́ kí ẹ sọ iye tí ẹnì kan ò gbọdọ̀ kọjá, kí n sọ fún wọn kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Orúkọ àwọn méjèèje wà nínú ìwé ní ṣọ́ọ̀bù, màá kà wọ́n fún yín bí ẹ bá pè."

Ẹ óò rí i pé mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Ímeèlì máa ń rin ìrìn-àjò. Ọmọ Alhaja lè ṣí i, ó lè ta á sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí Wasáàpù, ọ̀rọ̀ gbèsè ìyá olóúnjẹ á sì dé etí gbogbo Kubwa. Ẹ óò sì rí i pé ohun tó ń kọ mí lóminú parí sí ibi tí Alhaja ti ní nǹkan láti ṣe, pẹ̀lú àsìkò tó gbọ́dọ̀ ṣe é. "Àwìn ti pọ̀ jù" kì í ṣe ìròyìn. Ìráhùn ni.

Ó pè kí n tó jẹun ọ̀sán tán. ₦10,000 lẹ́nì kan, ó ní, ẹni tó bá sì ṣì jẹ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò ní gbé tuntun. Ìyá olóúnjẹ ni òun fúnra rẹ̀ máa pè. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo fi kún un ni pé bí àwọn gbèsè yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, a ó fún wọn ní ìlà tiwọn nínú ìwé. Wọn kì í ṣe ọjà ọ̀sẹ̀ tí wọ́n san wọ́n. A ti kà wọ́n mọ́ ọjà nígbà tí a gbé e fún wọn, bí a bá tún kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, a ó kàn máa ta àpò ìrẹsì kan lẹ́ẹ̀mejì nínú bébà ni.

Mo kọ́ ọmọ Kàtsínà láti máa kọ "àwìn" ní lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń sọ "san báṣì rẹ" lédè Haúsá, ó ní èmi ni màá nílò rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, 23 Nòfẹ́ńbà, ọjà jẹ́ ₦1,870,000. Ó fi ₦62,000 wálẹ̀. Àwìn inú rẹ̀ jẹ́ ₦20,000, owó tó wọlé sì jẹ́ ₦1,850,000, tó fi ₦38,000 ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Lọ́tọ̀, ₦65,000 wọlé láti ọwọ́ ìyá olóúnjẹ. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iye tó wálẹ̀ lókè, iye tó gòkè nísàlẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Èsì Alhaja dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Mo ti rí i. Ọjà wálẹ̀, owó wà. Àwọn mẹ́fà tó kù ńkọ́?"